Kí lẹ máa ń gbé kalẹ̀ níbi àìsùn tójú èèyàn ò fi ní wọ́lẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àìsùn ẹgbẹ́ wa ti ń sún mọ́lé, agogo 10 alẹ́ la máa bẹ̀rẹ̀, ó di agogo 5 ìdájí. Nǹkan bí 40 èèyàn là ń retí, èmi ni wọ́n sì gbé ètò oúnjẹ lé lọ́wọ́. Ní ti èyí tó kọjá, ìrẹsì àti adìẹ díndín ni àwọn tó dáná gbé wá lágogo 1 òru, abọ́ kún dẹ́nu. Oúnjẹ náà dùn, kò sẹ́ni tó rojọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di agogo 2 ààbọ̀, orí ti ń mì kiri gbogbo ìjókòó, ẹni tó ń darí ètò nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì là dáadáa. Ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti rí. Kí lẹ gbé kalẹ̀, ìgbà wo lẹ gbé e kalẹ̀, báwo ló sì ṣe rí nígbà tí òru jin?

Olóhùn Arò

Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ṣúgà ni! Èmi máa ń mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò 2 tó tutù dáadáa bó bá di agogo 1, ojú mi á là rekete. Ẹ ra páálí mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Ìdáná

Akọ̀wé, ìrẹsì kọ́ ló jẹ̀bi o. Àsìkò tí wọ́n bù ú àti bí wọ́n ṣe bù ú ló fa wàhálà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dáná fún àwọn tó ń ṣàìsùn, mo sì ti rí i pé láàárín agogo 2 sí agogo 5 ni òru máa ń wúwo jù. Ara máa ń tutù nígbà yẹn, oorun á sì máa kun èèyàn, ì báà jẹun, ì báà má jẹun. Ẹ wá wo ẹni tó kó ìrẹsì àti ẹran olóròóró sínú lágogo 1. Oúnjẹ ọlọ́ràá kì í tètè kúrò nínú ikùn, nítorí náà ibi tí ikùn ti ń bá a jìjàkadì ni oorun òru á ti ká a mọ́. Bí wọ́n bá bá ara wọn pàdé báyìí, kò sí orin tó lè jí onítọ̀hún.

Báyìí ni mo ṣe ń pín in. Oúnjẹ gidi gbọ́dọ̀ ti parí kó tó di agogo 8 alẹ́. Ìrẹsì náà ni mo máa ń sè, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kó gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin abọ́. Ẹ̀wà, ẹja tàbí adìẹ bíbọ̀ á gba ìdá kan, ẹ̀fọ́ á gba ìdajì tó kù. Ẹni tó jẹ èyí kì í yó kọjá ààlà, ebi ò sì ní tètè pa á, torí pé ẹ̀wà àti ẹran máa ń pẹ́ níkùn ju ìrẹsì lásán lọ.

Lẹ́yìn náà, bó bá di agogo 12 ààbọ̀, mo máa ń gbé ìpápánu jáde. Omi ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná tí mo gé kárọ́ọ̀tì sí wẹ́wẹ́ ni, ife kékeré kan fún ẹnì kan, pẹ̀lú ẹyin bíbọ̀ 1 àti ègé búrẹ́dì 1. Ó parí. Fún èèyàn 40, omi ọbẹ̀ lítà 8 á tó bí ife bá gba ìdá kan nínú márùn-ún lítà. Ẹ se lítà 10, nítorí àwọn kan á padà wá. Ẹ bọ ẹyin 45, ẹ má bó o títí ẹ ó fi pín in. Láti ìgbà náà lọ, omi, èso àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ló wà lórí tábìlì. Ẹ̀pà kílò 1 àti díẹ̀ tó fún gbogbo wọn.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò kà sí: ẹ má gbé àwo lọ bá ẹnikẹ́ni níbi tó jókòó sí. Mo máa ń gbé tábìlì sí ìpẹ̀kun yàrá tàbí síta pátápátá, kó lè di dandan fún wọn láti dìde, kí atẹ́gùn tútù fẹ́ sí wọn lójú. Àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn nìkan ni mo máa ń gbé tiwọn fún.

Mọ́mì Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí wúlò gan-an. Ọmọ mi ọdún 4 kì í sùn lóru rárá. Ṣé omi ọbẹ̀ yìí á ràn án lọ́wọ́ láti sùn?

Ìyá Ìdáná

Òdì kejì ọ̀rọ̀ là ń sọ níbí o, ìyá wa. Àwa ń wá ohun tó máa lé oorun lọ ni! Ẹ bi dókítà àwọn ọmọdé nípa ti ọmọ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, nítorí náà mo mọ ohun tí Olóhùn Arò ń sọ. Ṣúgà máa ń gbéni dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Lóru, ara kì í bójú tó ṣúgà bó ṣe ń bójú tó o lọ́sàn-án. Á gùn sókè nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tó bá sì já wálẹ̀, ó máa ń rẹ èèyàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo tún fura pé kì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń la ojú yín, ọ̀gá mi. Ẹ wo ara ìgò náà bóyá kaféènì wà nínú rẹ̀.

Ní ti kọfí, àṣìṣe tí mò ń rí ni pé èèyàn á dúró títí ojú á fi wọ́lẹ̀ tán kó tó mu ún, á sì mu ife ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Kọfí ò ní ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń gba nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹni tó ń retí oorun agogo 2 gbọ́dọ̀ ti mu tirẹ̀ lágogo 1 kọjá díẹ̀. Ife kékeré méjì tó jìnnà síra dára ju ife ràgàjì kan lọ, torí èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń mú àyà já, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n. Lẹ́yìn wákàtí 5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Èmi kì í mu ún mọ́ bó bá ti kọjá agogo 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò ní rí oorun sùn bílẹ̀ bá mọ́. Kí aláboyún má jẹ́ kí kaféènì ọjọ́ kan kọjá mílígíráàmù 200, ìyẹn nǹkan bí ife kọfí oníyẹ̀fun 2. Kí ẹ rántí pé tíì náà ní tirẹ̀.

Ọmọ Akọrin

Ẹ má bínú o, èmi ò gbà pé ó yẹ kéèyàn jẹ ohunkóhun lóru. Bí mo bá ti jẹun lágogo 7, omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan ni mò ń mu títí ilẹ̀ á fi mọ́, ohùn mi sì máa ń dún ketekete. Mílíìkì ni mi ò jẹ́ fẹnu kàn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń dá sí mi lọ́fun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ó lè bá yín lára mu bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà níbi iṣẹ́ wa tí kì í jẹun lóru, ara wọn sì fúyẹ́. Àwọn míì ò lè ṣe é, wọ́n á máa kanra, orí á máa fọ́ wọn. Ní ti mílíìkì, mi ò rò pé ó ń dá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń ki mọ́ itọ́ lẹ́nu ló ń jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń kọrin, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀fun yín.

Ẹni Ínsúlíìnì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí irú wa. Àtọ̀gbẹ ni mo ní, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ni mò ń gún. Mo lọ síbi àìsùn kan tí wọ́n pinnu pé oúnjẹ tó fúyẹ́ nìkan ni wọ́n máa pèsè. Kùkúńbà àti omi ló wà lórí tábìlì. Nígbà tó di agogo 3, òógùn tútù ń bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹnu mi ò sì lè to ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé oorun ló ń ṣe mí, ó ń gbá mi léjìká pé kí n jí. Ọpẹ́lọpẹ́ omi ọsàn tó wà nínú àpò mi. Mo mu ìdajì ife, mo dúró fún ìṣẹ́jú 15, mo tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, mo wá jẹ búrẹ́dì.

Nítorí náà, Akọ̀wé, ẹ fi àsìkò oúnjẹ tó èèyàn létí ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi omi èso aládùn díẹ̀ pamọ́ síbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń làágùn tó sì ń sọ kántankàntan, ẹ má rò pé oorun ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun mà, èyí ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Màá ra omi ọsàn. Ìyá Ìdáná, ṣé mo lè se ohun gbogbo lágogo 6, kí n kó o sínú kúlà títí di òru?

Ìyá Ìdáná

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mò ń retí. Má fi ìrẹsì ṣe é. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì tu oró sínú rẹ̀. Bó o bá tún un gbé kaná, oró náà ò ní lọ. Èébì ló máa ń fà, ìgbà mìíràn kó tó pé wákàtí 2. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ń jẹ́ kí ìrẹsì parí láago 8.

Omi ọbẹ̀ lo lè gbé dé òru, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbóná ní tòótọ́. Da omi híhó sínú filáàsì, dé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, da omi náà nù, kó o tó rọ ọbẹ̀ tó ṣì ń hó sí i. Filáàsì tútù ló máa ń jí ooru ọbẹ̀ gbé. Bó o bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru, kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 60°C. Bí o kò bá ní, tí o ṣí i lóru tí èéfín ò rú sí ọ lójú, má pín in. Tọ́jú ẹyin sínú kúlà tó ní yìnyín, má jẹ́ kó jókòó sórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ.

Awakọ̀ Òru

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òru, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìrìn àjò ilé. Ibi tí mo ti rí ewu nìyẹn. Lágogo 5 wọ́n á pín oúnjẹ àárọ̀ ńlá, èèyàn á yó tán, á wọ mọ́tò. Bí mo bá fẹ́ wakọ̀, mo máa ń mu kọfí, mo máa ń sùn fún ìṣẹ́jú 20 nínú ọkọ̀ níbi tí mo páàkì rẹ̀ sí, nígbà tí mo bá jí, kọfí náà ti wọra. Bí ojú ò bá là síbẹ̀, mi ò ní wakọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n máa gbé lọ sílé.

Olóhùn Arò

Mo yẹ ìgò náà wò. Kaféènì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, mi ò ní ṣíwọ́ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn tó máa ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà ńkọ́, tí wọ́n á dé lágogo 11 láì tíì fẹnu kan nǹkan?

Ìyá Ìdáná

Má fi ìrẹsì pamọ́ dè wọ́n. Fún wọn ní ọbẹ̀, ẹyin 2 àti ègé búrẹ́dì 2 bí wọ́n bá ti ń dé, kí wọ́n jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jókòó. Bó o bá ní kí wọ́n dúró de ti agogo 12 ààbọ̀, ebi á ti mú wọn débi pé tábìlì ẹ̀pà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá mọ́lẹ̀.