"Kókó ọ̀rọ̀" ni, àbí "ọ̀rọ̀ ìpè"?

Ará Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ti ń ta àdìrẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló ń bá mi gbé e sórí Etsy, ọjà orí ayélujára. Ó ní kí n fi kókó ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fún àkọlé ọjà. Mo kọ "àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ ọwọ́, àṣà Yorùbá". Ó ní ohun tí òun ń bèèrè kọ́ nìyẹn. Kí ló yẹ kó pè é?

Bàbá Olùkọ́, Zaria:
Kò ṣi ọ̀rọ̀ lò. Kókó ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ nǹkan dání, èyí tí ẹ kọ sì dára. Ẹ ṣáà má gbàgbé àmì ohùn, torí "adire" láìní àmì ò jọ ọ̀rọ̀ Yorùbá lójú mi.

Atajà, Gwarinpa:
Ẹ má bínú, bàbá, ibẹ̀ gan-an ni "kókó" ti ń ṣi wá lọ́nà. Ẹni tí a bá ní kó mú kókó wá, ohun tí ọjà jẹ́ lójú òun tó ń tà á ni yóò kọ. Ohun tí olùrà ń tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri lọmọ yẹn ń bèèrè. Obìnrin òkèèrè tó ń wá aṣọ aláró tí yóò fi rán kọ́tìnnì ò gbọ́ "ẹlẹ́kọ" rí láyé rẹ̀. "indigo fabric" ló máa tẹ̀, kò sì ní fi àmì ohùn sí nǹkan kan.

Bí mo ṣe ń wá a rèé. Mo máa ń jáde kúrò nínú àkáǹtì mi, kí ohun tí mo ti wò tẹ́lẹ̀ má baà darí ohun tí yóò fi hàn mí. Màá tẹ "adire", màá dúró, màá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí àpótí fúnra rẹ̀ ń fà wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá tẹ "indigo". Mi ò ní dúró síbẹ̀ o: màá ṣí èsì rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ṣòkòtò jíǹsì ló kún ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kì í ṣe tiwa, a jẹ́ pé mo ní láti fi "fabric" kún un.

Àyè tí wọ́n fún wa ò tún pọ̀. Yàtọ̀ sí àkọlé, táàgì tí à ń so mọ́ ọjà kí ìwákiri lè rí i, 13 ni, ìkọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú ìṣirò. "African tie dye fabric" jẹ́ 22, kò wọlé. Mo gé e sí "tie dye fabric". Àkọlé tí màá kọ fún yín nìyí:

```
Indigo Adire Fabric, Hand Dyed Nigerian Cotton, 5 Yards
```

Ohun tí ọjà jẹ́ ló ṣíwájú, torí ojú fóònù máa ń gé ìyókù. "Ẹlẹ́kọ" àti àmì ohùn bàbá lè wà nínú àlàyé nísàlẹ̀.

Ará Sabon Gari, Kano:
Ṣé ìpolówó lẹ ń wá ni? "Ẹ gbé e, ó gbóná!" Ẹ kọ "ojúlówó, owó pọ́ọ́kú, ẹ tètè rà" sí i.

Atajà, Gwarinpa:
Ta ló máa tẹ "ẹ tètè rà" sínú àpótí? Oníkiri ló ń pariwo kí olùrà gbọ́. Níbí, olùrà ló ń pe ọjà, ọjà ló ń jẹ́. Ìyẹn ni mo fi ń pè é ní ọ̀rọ̀ ìpè.

Ìyá Onígèlè, Nyanya:
Ó yé mi! "Ready Tied Headwrap" ni mo kọ sórí gèlè tí mo ti wé sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yà. Ìgbà tí mo wo àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gbé èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù ni mo rí "auto gele". Mo yí àkọlé padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ojú wá ń kán mi, mo fi "turban" kún un. Àwọn tó ń wá turban wọlé wuuru, wọ́n wò ó, wọ́n jáde. Ẹnì kan rà á, ó dá a padà, ó ní kì í ṣe ohun tí òun fẹ́.

Ará Kubwa:
Ẹ ṣeun, ìyá. Ọmọ náà tún ní kí n kọ "batik", ó ní àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Bàbá Olùkọ́, Zaria:
Irọ́ nìyẹn! Àbẹ́là ni wọ́n fi ń ṣe batik. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ẹlẹ́kọ kí wọ́n tó rì í sínú aró.

Atajà, Gwarinpa:
Òótọ́ ni bàbá sọ níbí. "batik" bá alábẹ́là mu, "tie dye" bá oníko mu, nítorí òun ni wọ́n ń fi ìko dì. Ẹlẹ́kọ ló le. "resist dyed fabric" jẹ́ òtítọ́, àmọ́ mi ò rí i kí àpótí fà á wá fún mi rí.

Ìyá Onígèlè, Nyanya:
Ẹni tó tẹ "batik" kò mọ ìyàtọ̀ àbẹ́là àti láfún o. Tí Hausa bá bèèrè atamfa lọ́wọ́ mi ní Wuse, ṣé màá ní ańkárá lorúkọ rẹ̀ ni? Màá kàn mú un jáde ni.

Bàbá Olùkọ́, Zaria:
Atamfa àti ańkárá, aṣọ kan náà ni. Batik àti ẹlẹ́kọ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Àti pé "ìpè" ti di ti fóònù. "Ọ̀rọ̀ olùrà" ni èmi yóò máa pè é.

Atajà, Gwarinpa:
"Ọ̀rọ̀ olùrà" lè jẹ́ ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á tán, bàbá.

Ará Kubwa:
Mo ti fi "indigo fabric" ránṣẹ́. Ó wá ń bèèrè pé mélòó nínú aṣọ tí mo kó ránṣẹ́ ló jẹ́ alábẹ́là. Àpò kan náà ni mo da gbogbo rẹ̀ sí o, ẹ jẹ́ kí n pè é kó tú u.