Sáàtífíkéètì dátà àbí dìgírì míì? Ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́ (Mánsítà): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Físà ọkọ mi ni mo bá wọ ìlú yìí, kò sì sí ohun tó ní kí n má ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì nílé. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn ni mo máa ń jókòó ti SQL àti Power BI, mo sì ti gba sáàtífíkéètì dátà ti Google. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àfi kí n lọ ka másítàsì, òmíràn ní ìdánwò PL-300 ti Microsoft lórí Power BI ti tó. N ò lówó méjèèjì pọ̀. Dásíbọ́ọ̀dù kan ti wà nínú pọfólíò mi: bí àwọn aláìsàn ṣe ń pẹ́ tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì àwọn ilé ìwòsàn Íńgíláǹdì, láti 2018 sí 2024. Mo ti lẹ líǹkì rẹ̀ mọ́ ọn. Ibo ni kí n náwó sí?

Bọ̀dá Húsítìnì: Àbúrò, lọ kàwé rẹ jàre. Bébà lásán ni gbogbo sáàtífíkéètì orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Níbi tí mo wà, kí iléeṣẹ́ tó lè bá èèyàn béèrè físà iṣẹ́ H-1B, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ náà gba dìgírì, kí ẹni náà sì ní in nínú ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ mu. Tí kò bá ní, ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kà sí ọdún kan ní yunifásítì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún méjìlá kó tó di dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin!

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, má fòyà, wọ́n ń gba dìgírì Nàìjíríà níbí. UK ENIC ni kó o kọ̀wé sí, wọ́n á sọ èyí tó bá a dọ́gba fún ẹ. Tiránsíkíríìtì ló fojú mi rí màbo ní tèmi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ò sí nítòsí. Tó o bá fẹ́ ẹni tó máa bá ẹ sáré ẹ̀ nílé, pè mí.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìwé mi wà lọ́wọ́ mi o, ìyẹn kọ́ ni mò ń béèrè.

Àǹtí Líìdìsì: Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ fún ẹni tó ń wá físà iṣẹ́ l'Amẹ́ríkà. Ti Àdùkẹ́ yàtọ̀. Kò wá ẹni tó máa bá a ṣe físà, ó sì ti ní dìgírì kan tẹ́lẹ̀.

Mo wà lára àwọn tó ń ṣa ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́ atúpalẹ̀ dátà nílé ìwòsàn ìjọba tí mo wà. Fọ́ọ̀mù kan máa ń wà níwájú wa: ohun tó pọn dandan lápá kan, ohun tó kàn dáa kéèyàn ní lápá kejì. Lọ́dọ̀ wa, "dìgírì tàbí ìrírí tó bá a dọ́gba" ló máa ń wà lábẹ́ dandan. Àdùkẹ́, dìgírì iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ ti gba máàkì ibẹ̀, másítàsì ò sì ní sọ máàkì yẹn di méjì. Apá kejì ni PL-300 máa ń bọ́ sí. Ìlà tó ń lé èèyàn dànù ni èyí tó ní kó o sọ iṣẹ́ tó o fi SQL tàbí Power BI ṣe àti ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Pọfólíò ló ń dáhùn ìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí tìẹ.

Inú mi dùn pé kì í ṣe àpẹẹrẹ kẹ̀kẹ́ Cyclistic inú ẹ̀kọ́ Google lo gbé síbẹ̀. Mo ti rí ìyẹn títí ó ti sú mi. Ṣùgbọ́n wo 2021 nínú ṣáàtì rẹ. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kò sí aláìsàn wọn tó lò ju wákàtí 4 lọ, 100% lóṣooṣù, nínú òtútù, nínú Kòrónà. Ìwọ náà gba ìyẹn gbọ́?

Àdùkẹ́: Áà! Mo rò pé wọ́n mọṣẹ́ ni, mà. Mo tiẹ̀ kọ "àwọn tó ta yọ" sí wọn lórí.

Àǹtí Líìdìsì: Ẹni tó ń ṣèfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò á rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún 2019, NHS mú àjọ ilé ìwòsàn 14 kí wọ́n fi dán òdiwọ̀n tuntun wò. Àwọn 14 yìí ò fi iye ti wákàtí 4 ránṣẹ́ mọ́ títí di 2023. Iye àwọn tó wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì wọn wà nínú fáìlì, iye àwọn tó dúró kọjá wákàtí 4 ni kò sí. Bí Power BI bá sì fẹ́ yọ àlàfo kúrò nínú nọ́mbà, òdo ló máa kà á sí. Nípa bẹ́ẹ̀, kò yọ ẹnì kankan kúrò, gbogbo ẹni tó wá ló di ẹni tí kò lò ju wákàtí 4 lọ. Wọ́n sì ti gbé ìpín gbogbo Íńgíláǹdì tó o kọ sókè ojú ìwé ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ ọ́ báyìí, kó lè yọ ibi tó bá ṣófo kúrò:

```
Pct4 =
VAR a = CALCULATE(SUM(ae[attend]), NOT ISBLANK(ae[over4]))
RETURN DIVIDE(a - SUM(ae[over4]), a)
```

Tó bá jẹ́ pé o ti sọ àlàfo di 0 nígbà tó ò ń kó fáìlì wọlé, èyí ò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́. Padà lọ tún un ṣe níbẹ̀ ná.

Bọ̀dá Húsítìnì: Kí ló dé tí kò kàn pa àwọn 14 yẹn rẹ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ?

Àǹtí Líìdìsì: Láti 2019 nìkan kẹ̀? Nígbà náà, àwọn tí ìlà rẹ̀ ń kà ní 2018 kọ́ ló ń kà ní 2021 nìyẹn, ìlà náà sì lè fò sókè tàbí kó já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nílé ìwòsàn kankan. Èmi á yọ wọ́n látòkè délẹ̀, màá sì kọ ọ́ sábẹ́ ṣáàtì. Ẹnì kejì mi lọ́fíìsì ní kí wọ́n máa wà níbẹ̀, kéèyàn kàn fàmì sí ibi tí wọ́n ti dáwọ́ dúró. A ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Èyíkéyìí tí Àdùkẹ́ bá mú, kó ṣáà lè sọ ìdí.

Tọ́lá (Bámíńgáámù): Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. N ò ní dìgírì kankan. Àpíréńtíìsì dátà ìpele 4 ni mo gbà wọlé: mò ń gbowó oṣù, n ò san kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣe PL-300. 700 nínú 1000 lèèyàn fi ń yege. Ọdún kan ni sáàtífíkéètì náà ń lò, àmọ́ ọ̀fẹ́ lèèyàn ń tún un ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àdùkẹ́: Ṣé ẹni tó ti ní dìgírì lè ṣe é?

Tọ́lá: Ó ṣe é ṣe, tí ẹ̀kọ́ náà bá ṣáà jẹ́ tuntun sí yín. Àmọ́ wọ́n máa ń wò ó bóyá èèyàn ti gbé ìlú yìí tó ọdún mẹ́ta. Ẹ ti pé mélòó?

Àdùkẹ́: Ọdún kan àti díẹ̀.

Tọ́lá: Ó ṣì kù díẹ̀ nìyẹn.

Àdùkẹ́: PL-300 ni màá kọ́kọ́ ṣe, tí mo bá ti tún dásíbọ́ọ̀dù yìí ṣe tán. Àǹtí, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣubú nílé àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní àrọ́wọ́tó mi. Ṣé kí n fi ṣe ìkejì? Màá yọ orúkọ wọn.

Àǹtí Líìdìsì: Rárá o! Ilé kékeré ni. Ọjọ́ orí àti ọjọ́ tí màmá kan ṣubú ti tó fún ọmọ rẹ̀ láti dá a mọ̀. Bi ọ̀gá rẹ bóyá o lè bá wọn ṣe é fún ìlò inú ilé. Tó bá gbà, ròyìn iṣẹ́ náà nínú fọ́ọ̀mù rẹ, kó o má gbé dátà kankan jáde.

Bọ̀dá Húsítìnì: Èmi ṣì ní másítàsì ló dáa jù o.

Àdùkẹ́: Mo ti tún un ṣe, mà. Àwọn 14 ti ṣófo. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣì wà ní 100%, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ò sì pọ̀.

Àǹtí Líìdìsì: Wo irú ẹ̀ka tó jẹ́. Tí kò bá sí ẹnì kankan lábẹ́ Type 1, ìyẹn ẹ̀ka pàjáwìrì ńlá, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wo ọgbẹ́ kéékèèké, 100% yẹn sì lè jẹ́ òótọ́. Ya irú wọn sọ́tọ̀, má kó wọn pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn ńlá.

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, ti tiránsíkíríìtì yẹn ńkọ́?