Lẹ́tà sí Baálẹ̀ lórí ibà àti omi mímu

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Lọ́ńdọ̀n: Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òtútù. Ẹgbẹ́ ọmọ abúlé wa ní kí n kọ̀wé sí Baálẹ̀ wa nílé, ní agbègbè Ìbàràpá, pé kí wọ́n gba ìpàdé ìlera kan lálejò nígbà tí a bá lọ sílé ní oṣù Kejìlá. Ẹ bá mi yẹ ohun tí mo kọ wò:

"Kábíyèsí, a fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ ní Sátidé kejì oṣù Kejìlá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nípa bí omi ìdọ̀tí ṣe ń fa ibà, àti bí a ṣe lè fi omi sísè dènà rẹ̀."

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Akọ̀wé, ẹ yọ Kábíyèsí yẹn kúrò kí ẹ má baà dá ìjà sílẹ̀ láàrin Baálẹ̀ àti ọba tó fi wọ́n joyè. Ẹ má sì ti Lọ́ńdọ̀n dá ọjọ́ fún wọn. Ọjà ọrọọrún kò mọ Sátidé; bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹ̀yin àti àwọn ewúrẹ́ nìkan ni ẹ máa jọ ṣèpàdé.

Onítákísì, Hústọ̀n: Ẹ ṣeun tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí oògùn ìdènà ibà tí à ń lò kí á tó lọ sílé ti kọ́ mi lọ́gbọ́n rí. Wọ́n ní kí n lò ó lójoojúmọ́, kí n sì tún lò ó fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí mo bá padà dé. Ọjọ́ tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú bààlúù ni mo pa á tì, kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí òtútù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí nínú ooru Hústọ̀n.

Nọ́ọ̀sì, Líìdì: Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n lẹ́tà sí àwọn ará ilé ni Akọ̀wé ń kọ. Akọ̀wé, ẹ má tíì fi í ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í mu ibà nínú omi. Abo ẹ̀fọn tó ń jẹni lóru ló ń gbé e láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní táífọ́ọ̀dù, ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì ni omi àìmọ́ ń fún ni. Nílé, wọ́n máa ń ní "màléríà àti táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe mí" bí ẹni pé àìsàn kan ṣoṣo ni, nítorí pé méjèèjì ló ń mú ara gbóná. Bí lẹ́tà wa bá tún pa wọ́n pọ̀, ìyá tó ń se omi fún ọmọ rẹ̀ á rò pé òun kò nílò nẹ́ẹ̀tì mọ́.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún ìyá mi àgbà ni mo bá lórí ẹbẹ̀ tòmátò. Wọ́n ní ó ń ta àwọn lójú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ta á síbi òjìji fún ọ̀sán kan àti òru kan, kí wọ́n tó so ó mọ́ ibùsùn. Bí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́, abẹ́ òjìji náà ni kó ti gbẹ, torí oòrùn ń ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Àgbà, Báltímọ̀: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní kí wọ́n máa bo dúrọ́ọ̀mù omi wọn, kí wọ́n sì máa fi álọ́ọ̀mù sínú omi kànga. Ẹ̀fọn kò ní rí ibi yé ẹyin sí, omi á sì mọ́ gaara.

Nọ́ọ̀sì, Líìdì: Bàbá, bíbo dúrọ́ọ̀mù dára, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó sábà máa ń yé sínú rẹ̀ kọ́ ni ti ibà. Inú omi òjò tó dúró sójú ọ̀nà, títí kan ojú ẹsẹ̀ màlúù, ni ti ibà fẹ́ràn. Ní ti álọ́ọ̀mù, ó ń mú ẹrẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pa kòkòrò. Omi tó ti tòrò yẹn ni kí wọ́n wá sè títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Lọ́ńdọ̀n: Ẹ ṣeun. Mo ti tún un kọ:

"Baálẹ̀ wa, a kí yín, ẹ kú àmójútó ìlú. Àwa ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá wa pe àwọn ará ilé jọ síwájú ilé yín, ní ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín bá yàn nínú oṣù Kejìlá, tí kò bá ọjọ́ ọjà pàdé. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó sì sọ wọ́n: bí a ṣe ń fi nẹ́ẹ̀tì dènà ibà, àti bí a ṣe ń tọ́jú omi kànga kí a tó mu ún. A fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe àwọn tó ń ta oògùn nílùú pẹ̀lú, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré lọ bí ara wọn bá gbóná."

Nọ́ọ̀sì, Líìdì: Ó dára báyìí. Oṣù Kejìlá nìkan ló ń kọ mí lóminú, torí ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ẹ̀fọn kò pọ̀. Ṣáájú òjò, ní oṣù Kẹta, ni ì bá wọ̀ wọ́n létí jù.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Ta ló máa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹta?