Oṣù mélòó ni owó tí ẹ fi wá oníbàárà fi padà wálé? Ẹ sọ tiyín

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi kí ẹ tó bú mi. Mo ní áàpù kan tí àwọn onísọ́ọ̀bù fi ń kọ ọjà tí wọ́n tà sílẹ̀. Ó tún máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn tó jẹ wọ́n lówó létí. ₦4,000 ni lóṣù. Lóṣù kan báyìí, mo ná ₦600,000 sórí ìpolówó ayélujára àti àwọn ọmọ tó ń gbé e káàkiri ọjà, oníbàárà 50 sì wọlé. Orí kan wá jẹ́ ₦12,000. Mo fi ₦4,000 pín in, ó jẹ́ oṣù mẹ́ta péré. Inú mi dùn, mo yá owó, mo tún ná irú rẹ̀ lóṣù kejì àti ìkẹta. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, mi ò rí owó sáfà tí áàpù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ san mọ́. Níbo ni owó náà wọlẹ̀ sí?

Kò-kàn-mí
Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú?

Bàbá Ìṣirò
Àdùkẹ́, ₦4,000 kọ́ ló ń wọ àpò rẹ. Èló ló ń jáde lórí sọ́ọ̀bù kan lóṣù?

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Àwọn tó ń bá mi gba owó lórí káàdì ń yọ 1.5% pẹ̀lú ₦100, ìyẹn ₦160. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó 200 lóṣù ní ₦5 ẹyọ kan, ₦1,000 nìyẹn. Sáfà jẹ́ ₦540. Ọmọbìnrin tó ń dáhùn ìpè wọn, tí mo bá pín owó oṣù rẹ̀ ká orí wọn, ₦700. Háà. ₦2,400.

Bàbá Ìṣirò
Ó ku ₦1,600, ogójì náírà nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n san. Òun ni kó o fi pín ₦12,000. Oṣù méje àtààbọ̀ ni, kì í ṣe mẹ́ta. Owó sáfà àti owó àtẹ̀jíṣẹ́ kì í dúró de ọ kí ìpolówó kọ́kọ́ san ara rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mi ò fara mọ́ ọn, Bàbá. Owó oṣù ọmọbìnrin yẹn ò yẹ kó wà níbẹ̀. Bí sọ́ọ̀bù kan bá wọlé lónìí, ṣé ẹ ó fi kún owó oṣù rẹ̀ ni? Ẹ yọ ₦700 yẹn, ₦2,300 ló kù, oṣù márùn-ún àti díẹ̀.

Bàbá Ìṣirò
Sọ́ọ̀bù kan, rárá o. Àádọ́ta ńkọ́? Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kò ti gba ẹnì kejì.

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Mo ti gba ẹnì kejì 😩

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Lọ́wọ́ tèmi, èèyàn kan ló ń dá 300 oníbàárà lóhùn.

Ìyá Ọlọ́sàn-án
Tèmi kì í ṣe áàpù, oúnjẹ ọ̀sán ni. Mò ń gbé e fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì n'Íbàdàn, wọ́n ń san ₦30,000 lóṣù. Bí mo ṣe ń fa èèyàn ni pé mo máa ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, oúnjẹ àti owó ọ̀kadà rẹ̀ sì ń jẹ mí ní ₦9,000. Lẹ́yìn ẹran, ìrẹsì, gáàsì àti ọ̀kadà, ₦4,500 ló ń kù lórí ẹnì kan, nítorí náà oṣù méjì ni owó mi fi ń padà. Ó dára bẹ́ẹ̀ títí di May 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo tó wà lábẹ́ ₦200 fò kọjá ₦480. Ọ̀kadà gbówó lé e, ọlọ́jà gbówó lé e, àwọn ọ́fíìsì ò sì gbà kí n fi kún tèmi. ₦4,500 di ₦1,000. Àwọn tí mo fi oṣù méjì ṣírò di oṣù mẹ́sàn-án lójú mi, àwọn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ náà o! Tẹ́lẹ̀, mo rò pé nígbà téèyàn bá ti fa oníbàárà wọlé tán, ìṣirò rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Jíìmù Àkóbọ̀
Màmá, ẹ ṣé gan-an. Lọ́dọ̀ tèmi, owó dísù ló ṣe irú ẹ̀. Mo ti ra irin ìdárayá tán, mo ní gbogbo ohun tí wọ́n bá san èrè ni. Irọ́ ni.

Kò-kàn-mí
Ṣé ìrẹsì yẹn ṣì wà?

Bàbá Ìṣirò
Àdùkẹ́, mi ò tíì parí. Nínú 50 ti oṣù kìíní, mélòó ló ṣì ń sanwó?

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Lóṣù kejì, 45. Lóṣù kẹta, 40. Lẹ́yìn náà, 36.

Bàbá Ìṣirò
Ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń já lóṣooṣù. Tó o bá wá pín èrè náà ká orí gbogbo 50 tó o fowó wá, ₦1,600 oṣù kìíní di ₦1,440 lóṣù kejì, ó di ₦1,296 lóṣù kẹta, ó ń rẹlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrìnlá ni ₦12,000 tó pé. Kódà tó o bá dúró títí irun rẹ fi funfun, kò lè kọjá ₦16,000. Bí àwọn tó ń já bá di 14 nínú 100, nǹkan bí ₦11,400 ló máa mọ sí. Owó rẹ ò ní padà láé nìyẹn.

Jíìmù Àkóbọ̀
Ẹ wo àwọn tó "já" yẹn dáadáa o. Púpọ̀ nínú tèmi ò kúrò, káàdì wọn ni kò lówó nínú. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo ń yọ owó, mo sún un sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí owó oṣù ń wọlé, ó sì dín kù gan-an.

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Onísọ́ọ̀bù ni tèmi, wọn kì í gba owó oṣù. Bóyá ọjọ́ kejì ọjà ni màá fi sí.

Tọ́lá
Ìbéèrè kan. Ṣé ìpolówó ló mú gbogbo 50 yẹn wá?

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Rárá. Nǹkan bí 20 jẹ́ ará ìjọ àǹtí mi.

Tọ́lá
Yéè! ₦600,000 wá 30 èèyàn nìyẹn, kì í ṣe 50. ₦20,000 lórí ẹnì kan. Bàbá sì sọ pé ₦16,000 ni òpin.

Bàbá Ìṣirò
Tọ́lá, mo ṣí fìlà fún ọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ẹni tó rí ìpolówó ló sọ fún àwọn ará ìjọ ni? Ẹ ò mọ̀.

Tọ́lá
Kó dá ìpolówó dúró fún oṣù kan, kó wo ẹni tó máa wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Kó kàn ní kí wọ́n san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. ₦40,000 fún oṣù méjìlá, gbèsè tán.

Bàbá Ìṣirò
Ẹ̀bùn oṣù méjì nìyẹn. Káàdì á yọ ₦700 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáa. Ìnáwó yòókù jẹ́ ₦2,240 lóṣù, ọdún kan jẹ́ ₦26,880. ₦12,420 ló kù. Nínú ìṣirò ₦12,000, èrè ₦420 lọ́dún. Nínú ìṣirò Tọ́lá, ó ti wọ gbèsè. ₦40,000 yẹn á wà lọ́wọ́ ẹ, á sì dà bí owó, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù kìíní pàápàá, iṣẹ́ oṣù mọ́kànlá lo ṣì jẹ onísọ́ọ̀bù.

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Ó dáa. Àtẹ̀jíṣẹ́ 40 ni màá fi kún owó oṣù, ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á san án lọ́tọ̀. ₦1,000 á di ₦200, ₦2,400 á wá máa kù sí mi lọ́wọ́.

Bàbá Ìṣirò
Ìyẹn dáa ju kó o máa wá ìpolówó olówó pọ́ọ́kú. Lórí ₦20,000, bí ìjá wọn ò bá yí padà, bí oṣù 17 sí 18. Ó ṣì gùn. Àmọ́ àwọn kan lè torí ẹ̀ kúrò o.

Ìyá Ọlọ́sàn-án
Àwọn tó ní gbèsè púpọ̀ níta ló máa kúrò, àwọn náà ló sì ń lò ó jù.

Kò-kàn-mí
Tí ẹ bá ń dín in kù sí 40, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ.

Àdùkẹ́ Oníáàpù
Sọ́ọ̀bù wo lẹ jẹ lówó ná?