Ẹjọ́ ààlà àkọ́kọ́ tí mo kọ sílẹ̀ ní kóòtù: ẹ wá sọ tiyín

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ sọ nípa ẹjọ́ ààlà àkọ́kọ́ tí mo jókòó kọ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú rẹ̀ lè fi tiyín kún un. Akọ̀wé ni mí ní kóòtù ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹjọ́ tọkọtaya ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, gbèsè ló tẹ̀ lé e, nítorí náà ọjọ́ tí ẹjọ́ ilẹ̀ wọlé, ara mi kò balẹ̀.

Ìdílé méjì ni. Kò sí èyí tó sọ pé ìkejì kò nílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí tẹni kìíní parí sí ni wọ́n ń jà lé lórí. Olùpẹjọ́ ní ìlà pèrègún tí àwọn baba àwọn gbìn ni ààlà. Olùjẹ́jọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, odò ni ààlà, ohun tí bàbá òun fi han òun nìyẹn. Láàárín pèrègún àti odò, ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà kan ààbọ̀ wà níbẹ̀, kòkó tó ń so sì wà lórí rẹ̀. Kòkó yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ di ti àdá kí wọ́n tó gbé e wá sí kóòtù.

Kí wọ́n tó gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni, ààrẹ kóòtù kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìjọba ti kéde abúlé náà mọ́ ìgboro. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ló fà á. Bí ilẹ̀ bá ti bọ́ sí ìgboro, ilé ẹjọ́ gíga ló ni ẹjọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ oko ni tiwa. Oko ni, a bá a lọ.

Olùpẹjọ́ fi Kùránì búra. Olùjẹ́jọ́ ní irin lòun máa fi búra, bélíìfù sì mú àdá kékeré kan jáde. Bàbá náà fi ẹnu kàn án, ó sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí tó yí ẹjọ́ náà padà wá láti ẹnu ìyá àgbà kan tí ìdílé tirẹ̀ bá àwọn méjèèjì pààlà nísàlẹ̀. Ìyá ní, "Odò tí ẹ ń wí yìí kọ́ ni odò tí mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ìgbà tí wọ́n la títì, tí wọ́n ri páìpù ńlá sí abẹ́ rẹ̀, ni omi yà." Ààrẹ kóòtù wo àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjèèjì, ó ní a máa lọ wo ilẹ̀ náà.

Kí a tó lọ, akọ̀wé àgbà wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n fi ìlà pín ojú ìwé mi sí méjì: kí n kọ ohun tí kóòtù fi ojú rí sí ọwọ́ òsì, kí n kọ ohun tí àwọn èèyàn bá wí sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wí i. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn.

A dé ibẹ̀ lówùúrọ̀, ìrì ṣì wà lára koríko. Àwọn pèrègún tó wà lókè nípọn bí itan àgbàlagbà, àpá ewé tó ti já bọ́ sì yí ara wọn po láti ìdí dé òkè. Ìyá àgbà nàka sí kòtò kan tó tẹ̀ lé ìdí wọn. Ewé kòkó ti bò ó. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ á kàn gbà pé ilẹ̀ ló rì. Ààrẹ kóòtù ní kí wọ́n fi ọkọ́ ha ewé kúrò. Kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ sísàlẹ̀ tí a fi rí yanrìn funfun àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán, irú èyí tí omi ti yí títí tí kò ní igun mọ́. Bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń ha á ní ibi mélòó kan, ohun kan náà la sì ń bá. Ibi tí odò ń gbà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó gbin pèrègún gbìn ín sí etí odò, ìyẹn ni pé ààlà kan náà ni ìdílé méjèèjì ń sọ láti ọjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Omi ló ṣí kúrò.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe sún mọ́ títì, ọ̀rọ̀ yí padà. Pèrègún tó wà níbẹ̀ kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, wọn kò tẹ̀ lé ibi yanrìn mọ́, inú kòkó ni wọ́n yà sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìdílé olùjẹ́jọ́ kígbe pé lẹ́yìn tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbin ìwọ̀nyẹn. Ààrẹ kóòtù ní kó wá sọ ọ́ ní kóòtù lórí ìbúra. Mo kọ ìyẹn sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ìdájọ́ ni pé ibi tí odò ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ààlà, láti kùkùté ìrókò tó wà lókè títí dé ìdí pèrègún nínípọn tó kẹ́yìn. Láti ibẹ̀ dé etí títì, kóòtù ní olùpẹjọ́ kò rí ẹ̀rí mú wá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì da apá yẹn nù. Olùjẹ́jọ́ ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìbéèrè mi rèé: ta ló wá ni apá etí títì yẹn báyìí?

Ìyá Alágbàdo

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n tún ń wá yanrìn sí? Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí pèrègún bá wà ni ààlà, ó parí. Àwọn baba wa kì í gbìn ín lásán.

Àgbẹ̀ Olókè

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹ gé ọ̀pá pèrègún, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, ó máa hù. Ẹni tó bá fẹ́ jí ilẹ̀ lè gbin ìlà kan láàárín òru. Ìdí ojúbọ àti ojú oórì pàápàá, wọ́n ń gbìn ín síbẹ̀. Ẹni tó bù lára ilẹ̀ bàbá mi gbin tirẹ̀ ní ìlà gbọnrangandan bí ẹni ta okùn, bẹ́ẹ̀ ààlà tí a jogún yí igi ọ̀pẹ méjì po. Ohun tó gbà wá ni pé ìdílé tó bá wa pààlà lókè wá jẹ́rìí pé àwọn kò bá ìlà yẹn níbẹ̀. Bí n bá rí pèrègún tí gbogbo rẹ̀ ga bákan náà, tó sì nípọn bákan náà, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí n ó fi bi àwọn alámùúlégbè.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ

Ọ̀rọ̀ ààlà yìí dùn mí dé egungun. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ló pín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ara Kétu ni wá. Oko bàbá ìyá mi wà ní ìhà kejì. Bí a bá ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀, aṣọ́bodè á dá wa dúró bí ẹni kó ẹrù òfin. Ṣé kóòtù yín lè gbọ́ irú rẹ̀?

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ààlà oko láàárín ìdílé méjì ni tiwa o. Ti orílẹ̀-èdè méjì ga ju kóòtù wa lọ.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ìdílé kan mú púláànù àtijọ́ wá, ọmọkùnrin kan tẹ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ jíípíẹ́ẹ̀sì alágbèéká, ó rìn lọ síbi tí ẹ̀rọ darí rẹ̀ sí, ó ní ibẹ̀ ni igun ilẹ̀ àwọn. Àárín oko olóko ni! Púláànù kò parọ́, ẹ̀rọ kò sì bàjẹ́. Minna, ní ìpínlẹ̀ Niger, ni a ti ń ṣírò àwọn púláànù wa àtijọ́. Jíípíẹ́ẹ̀sì ń lo ìlànà ìṣírò mìíràn tí wọ́n ń pè ní WGS84. Bí o kò bá yí ọ̀kan sí èkejì, ìyàtọ̀ wọn níhìn-ín lé ní ọgọ́rùn-ún mítà. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé gbogbo igun ló yẹ̀ sí ìhà kan náà, ní ìwọ̀n kan náà. Bí ilẹ̀ bá ní òpó kọnkéré tí a rì, ẹ kọ́kọ́ wá òpó náà, kí ẹ ka nọ́ńbà orí rẹ̀, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde.

Akọ̀wé Àná

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù. Ọmọ mi, ọ̀gá rẹ tó ní kí o pín ojú ìwé sí méjì mọ iṣẹ́. Àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò ní tẹ̀ lé ọ lọ sí oko. Ìwé rẹ nìkan ni wọ́n máa kà. Mo rí ẹjọ́ kan tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fi ohun tí wọ́n rí lórí ilẹ̀ dájọ́, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìwé ibi tí ẹlẹ́rìí kankan ti wí i. Àwọn tó wà lókè ní àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti sọ ara wọn di ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí tí kò sẹ́ni tó lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ṣé ọ̀dọ́kùnrin tó kígbe yẹn padà wá búra?

Ní ti ìbéèrè rẹ, wọn kò gbé etí títì fún ẹnikẹ́ni. Pé olùpẹjọ́ kò rí ẹ̀rí mú wá kò sọ ọ́ di ti olùjẹ́jọ́, àfi bí olùjẹ́jọ́ náà bá pe ẹjọ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà yẹn.

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ ṣeun, bàbá. Olùjẹ́jọ́ kò pe ẹjọ́ tirẹ̀ kankan lórí etí títì nígbà yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò padà wá, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìdájọ́. Ohun tí kóòtù sọ kò ju pé pèrègún ibẹ̀ kéré, kò sì tẹ̀ lé ojú odò àtijọ́. Mo bi ìyá àgbà ní ìbéèrè ààrẹ kóòtù lẹ́ẹ̀mejì nípa etí títì, ó ní òun kò mọ ibẹ̀, kì í ṣe ibi tí àwọn ti bá wọn pààlà.

Ìyá Alágbàdo

Kòkó tó wà láàárín ńkọ́? Àwọn olùjẹ́jọ́ ló gbìn ín, àbí?

Akọ̀wé Kóòtù

Àwọn ló gbìn ín, ìyá wa, lẹ́yìn tí omi ti yà. Olùpẹjọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ kòkó nínú ẹ̀sùn rẹ̀, kóòtù kò sì mẹ́nu kàn án.

Akọ̀wé Àná

Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Nínú àṣà wa, ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀, ẹni tó gbìn ló ni igi.

Àgbẹ̀ Olókè

Bàbá, ìyẹn bí onílẹ̀ bá gbà á láyè láti gbìn ín ni. Àwọn wọ̀nyí rò pé orí ilẹ̀ ara wọn làwọn wà. N kò gbà pé ọ̀kan náà ni.