Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kọ "rísìkì" sínú ìwé ìfọwọ́sí iṣẹ́ abẹ?

Tìṣà Sùúrùlérè (ẹni tó béèrè):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí màá sọ ọ́ fún. Iṣẹ́ tìṣà Yorùbá ni mò ń ṣe, ó ti tó ọdún 14. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọsibítù kan lọ́nà Yábàá ní kí n bá àwọn túmọ̀ ìwé tí aláìsàn máa ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ojú ewé kan péré, òyìnbó ni látòkè délẹ̀. Mo jókòó tì í títí di aago kan òru, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ríran. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀hún, métírọ́ọ̀nù wò ó, ó ní mò ń dẹ́rù ba aláìsàn, pé kí n yọ "ewu" kúrò, pé ta ló ní kí n kọ ọ́ gùn tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ò tiẹ̀ jókòó. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀. Èmi ni mo san owó ọkọ̀, mo sì jókòó sínú gòsíló ní Ojúẹlẹ́gba fún wákàtí méjì gbáko.

Ìbéèrè mi rèé: kí ni kí n pe rísìkì bí mi ò bá pè é ní ewu? Ibi tí wọ́n ti ń sọ nípa ìtọ́jú mìíràn tí èèyàn lè yàn, mo kọ "àfirọ́pò ìtọ́jú" síbẹ̀. Ṣé kò dáa ni?

Ìyá Ìbejì Ṣómólú:
Ẹ pẹ̀lẹ́, tìṣà. Èmi tí wọ́n fẹ́ gbé ìbejì jáde nínú mi, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì lọ ni wọ́n ti na ìwé sí mi. Ìrora ti gba ojú mi. Mo ní kí ni mò ń fọwọ́ sí, nọ́ọ̀sì ní "kí ọmọ lè yè ni." Mo tẹ̀ka. Títí dòní mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló kó wa yọ.

Alàgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Métírọ́ọ̀nù yẹn ò ṣì wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lágbára lọ́dọ̀ wa. O ò lè jókòó ti ẹni tó fẹ́ wọ tíátà kí o máa ka ikú àti ẹ̀jẹ̀ sí i létí. Kọ "ìṣòro kékeré", ó tán. Ọkọ ló sì yẹ kó fọwọ́ sí i, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Alàgbà, ẹ má bínú. Ó dáa ká fi sùúrù sọ ọ́, mo gbà. Àmọ́ tí ohun tó lè gba ẹ̀mí bá di "ìṣòro kékeré", irọ́ la pa fún aláìsàn yẹn. Ìyàwó tó bá ti dàgbà, tí orí rẹ̀ sì pé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Àṣà ọsibítù ni kí ọkọ wá fọwọ́ sí i, kì í ṣe òfin.

Tìṣà, métírọ́ọ̀nù rí nǹkan kan, kàn jẹ́ pé kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ là ń kí "ẹ kú ewu", torí ewu ti dé, ó sì ti kọjá. Bí aláìsàn bá gbọ́ "ewu iṣẹ́ abẹ yìí", ohun tó ń rí lọ́kàn ni pé ewu ti jókòó dè é níbẹ̀. Ẹ kọ "ohun tó lè ṣẹlẹ̀", kí ẹ sọ nǹkan ọ̀hún gan-an, kí ẹ sì ka èèyàn. Ẹ má kọ "díẹ̀", torí díẹ̀ tèmi lè jẹ́ púpọ̀ tiyín. Ẹ kọ pé nínú obìnrin 100, iye báyìí ló ń ṣẹlẹ̀ sí, iye báyìí ni kì í ṣẹlẹ̀ sí. Apá méjèèjì ni kí ẹ kọ o.

Ẹ ò tíì sọ fún wa: iṣẹ́ abẹ wo ni? Ta ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún?

Tìṣà Sùúrùlérè:
Ìju ni. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Ẹ ò dáhùn ọ̀rọ̀ "àfirọ́pò" tí mo béèrè. Mo wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mi ò fọwọ́ ara mi dá a sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú:
Ìju kẹ̀! Àbúrò ọkọ mi lo àgbo fún oṣù mẹ́fà, ó yọ́ dànù. Ẹ kọ àgbo sí ibi ìtọ́jú mìíràn yẹn.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Ìyá Ìbejì, ìju máa ń sún kì fúnra rẹ̀ tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àgbo ló ń gba ìyìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká kọ ohun tí a ò lè dúró tì.

Tìṣà, "àfirọ́pò" ni pé a mú nǹkan kúrò, a fi òmíràn sí àyè rẹ̀. Létí obìnrin tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ nílé ọmọ fún, kí lẹ rò pé ó máa gbọ́?

Tìṣà Sùúrùlérè:
Ó bi mí lóòótọ́ pé ṣé wọ́n máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ni. Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Lọ́yà Ìdúmọ̀tà:
Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, abala 23, sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé onírúurú ìtọ́jú tó wà fún aláìsàn, àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó lè tibẹ̀ yọ, àti owó rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé ó lè kọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, èdè tó gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́, kí wọ́n sì wo bó ṣe kàwé tó. Kò sí ibi tó ti sọ pé kí ọkọ fọwọ́ sí i fún aya.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Tìṣà, mo ti bá irú ìwé yẹn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlà kan máa ń wà nísàlẹ̀ pé aláìsàn gbà kí dókítà ṣe "iṣẹ́ mìíràn tó bá pọndandan". Tó bá jẹ́ ìju ni, ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dúró, wọ́n lè yọ ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Báwo lẹ ṣe túmọ̀ ìlà yẹn?

Alàgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Tìṣà, ẹ ṣì wà níbẹ̀?

Tìṣà Sùúrùlérè:
Mo wà níbẹ̀. Ẹ má bínú sí mi.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni mo túmọ̀ ọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni iṣẹ́ abẹ yẹn. Ó ń ta àǹkárá ní Bàlógun, ọmọ ọdún 37 ni, ó ti lo ọdún 8 nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Dókítà fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé wọ́n lè yọ ilé ọmọ bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù. Mo kà á, ó yé mi. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí métírọ́ọ̀nù ní ìwé náà gùn jù, mo rí ọ̀nà tí màá gbà yọ ọ́, mo sì yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi, ó ní, "Àbúrò mi, ilé ọmọ mi á ṣì wà níbẹ̀, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ̀ka. Èmi ni mo buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ pé mo ka gbogbo rẹ̀ fún un lédè tó gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ yìí ni iṣẹ́ abẹ. Mi ò fẹ́ kí ó sá ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóṣooṣù bí omi.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú:
Háà! Tìṣà! Obìnrin tó ń wá ọmọ! Kí ó jí lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un? Kí lẹ máa sọ fún un nígbà yẹn?

Lọ́yà Ìdúmọ̀tà:
Ìka tó tẹ̀ yẹn ò dúró, ìwọ lo sì buwọ́ lù ú. Ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá dókítà kan láre tó gbà fún aláìsàn tó ní òun ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ara aláìsàn ni, òun ló ń pinnu.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Lọ́yà, ti ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Bí aláìsàn bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé ọmọ òun rárá, dókítà mìíràn á ní òun ò lè ṣiṣẹ́ abẹ náà lórí àdéhùn yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n sọ ọ́ kí ó tó wọ tíátà.

Tìṣà, bíbú ò ràn wá lọ́wọ́ báyìí. Ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù lọ́la. Ẹ sọ fún dókítà pé ohun tí ẹ kà fún un ò pé. Ẹ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá, tí kì í ṣe ẹbí, kó wá túmọ̀. Ojú ìfẹ́ lẹ fi ń wò ó, kò ní jẹ́ kí ẹ lè sọ ọ́ tán.

Kí wọ́n má bi í pé "ṣé ó yé yín?" Á ní ó yé òun, nítorí ọ̀wọ̀ dókítà. Kí wọ́n ní: "Tí ẹ bá délé, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ yín?" Ibi tó bá ti ṣì í sọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti tún un ṣe, kí wọ́n sì tún bi í.

Ohun tí a máa ń sọ fún wọn ni pé nínú obìnrin 100 tí wọ́n yọ ìju fún, ó lè tó 1 tàbí 2 tó máa pàdánù ilé ọmọ. Àwọn 98 tàbí 99 yòókù, tiwọn á wà níbẹ̀. Bí ìju bá tóbi tàbí tó pọ̀, iye yẹn lè ga sí i. Ẹ bi dókítà iye ti ẹ̀gbọ́n yín.

Tìṣà Sùúrùlérè (ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun):
Mo ti sọ fún un. Ó ń ká aṣọ sínú báàgì, ó gbé e sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará Ìkòròdú ló bá wa túmọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n mi ní: "Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á yọ ìju náà pátápátá." Bí mo bá wà nípò dókítà, màá ní ó ti yé e. Dókítà ya ilé ọmọ sí ẹ̀yìn ìwé, ó ya ìju sára rẹ̀ bí kókó, ó nawọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà kejì ó ní: "Ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, mi ò ní ṣe nǹkan oṣù mọ́, mi ò sì ní lóyún mọ́." Ẹkún dé.

Ìgbà yẹn ló wá béèrè pé kí ni nǹkan mìíràn tó wà. Wọ́n ní oògùn wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù nígbà nǹkan oṣù, kò sì ní fọwọ́ kan ìju. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ wà tó lè dá nǹkan oṣù dúró fún bí oṣù mẹ́ta, kí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ padà, kí ìju sì sún kì, kí wọ́n tó wá ṣiṣẹ́ abẹ. Tó bá dáwọ́ abẹ́rẹ́ yẹn dúró, ìju á tún dàgbà. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní Ọjọ́bọ̀. Kò tíì mú ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ń bínú sí mi, kò gbé fóònù mi.

Mo tún ìlà yẹn kọ: "Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n lè yọ ilé ọmọ mi." Ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Ta ló máa sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn? Ẹ kọ "dókítà" síbẹ̀. Kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe: wọ́n lè fi rọ́bà di ìdí ilé ọmọ, wọ́n lè lo oògùn, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí yíyọ tó wá.

Tìṣà Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi kún un pé kí wọ́n pe ọkọ òun kí wọ́n tó yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà bẹ́ẹ̀, kò sí àyè ìpè. Ẹ jẹ́ kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ jókòó sọ ọ́ kó tó tẹ̀ka. Ẹ má kọ ohun tí wọn ò ní lè ṣe.