Níbo ni kí n kọ "àmọ́ ṣá" kẹta sí?

Ẹ̀yin amòfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Akọ̀wé agbẹjọ́rò ni mí ní Ìbàdàn, mo sì ń ké Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 kúrú ní abala kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ abala 22, mo kọ ọ́ pé ẹni tí Gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí kó fi dógò láìgba àṣẹ Gómìnà. Ọ̀gá mi fa ìlà pupa sí i, torí pé mo fo "àmọ́ ṣá" mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Méjì yọ ènìyàn kúrò nínú gbígba àṣẹ: bí àpẹẹrẹ, bí Gómìnà bá ti fọwọ́ sí ìdógò tẹ́lẹ̀, ayánilówó lè dá ilẹ̀ padà láìgba àṣẹ mìíràn. Ẹ̀kẹta kò yọ ẹnikẹ́ni, ńṣe ló tún okùn náà fà le: pé Gómìnà fọwọ́ sí háyà tí a lè sọ dọ̀tun kò túmọ̀ sí pé ó ti fọwọ́ sí ìsọdọ̀tun rẹ̀. Ṣé kí n kó o pọ̀ mọ́ méjì yòókù lábẹ́ "àyàfi", àbí kí n fún un ní ìlà tirẹ̀?